Ṣé O Mọ̀? Òkú Eku Lájà: Bí A Ṣe Ń Wá A Rí àti Bí A Ṣe Ń Gbé E Kúrò Láìfarapa

Ilé onípáànù tó ní sílíìnì ni ọ̀rọ̀ yìí dá lé, irú èyí tó kún Ìbàdàn, Abẹ́òkúta, Àkúrẹ́ àti Èkó: páànù lókè, sílíìnì nísàlẹ̀, àlàfo tó ṣókùnkùn láàárín àwọn méjèèjì. Àlàfo yẹn là ń pè ní àjà. Eku fẹ́ràn ibẹ̀ láti máa gbé, ibẹ̀ náà ló sì sábà máa ń kú sí. Bí òórùn bá ti ń ti ibẹ̀ bọ̀, ohun tó yẹ kí o mọ̀ kí o tó gun àkàbà rèé.

Ṣé o mọ̀ pé oògùn eku tí a fi sájà gan-an ló sábà máa ń gbé òórùn wọlé? Ọ̀pọ̀ èèyàn gbà pé bí eku bá jẹ oògùn, òùngbẹ á gbẹ ẹ́, á sáré jáde lọ wá omi, á sì kú síta. Kò rí bẹ́ẹ̀. Àwọn oògùn eku bíi waafarínì, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi pa eku ní 1948, àti buromadiolóònù tó dé lẹ́yìn rẹ̀, kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ eku dì mọ́. Eku tó bá jẹ wọ́n kì í kú lójú ẹsẹ̀. Ó lè gbé ọjọ́ 3 sí 7, tí ẹ̀jẹ̀ á máa dà nínú rẹ̀, tí agbára rẹ̀ á sì máa tán. Ibi tó bá ti mọ̀ pé ọkàn òun balẹ̀ ló máa wọ́ lọ: ìtẹ́ rẹ̀, ẹ̀yìn igi, abẹ́ àkísà, inú ihò búlọ́ọ̀kù. Ibẹ̀ ló máa kú sí.

Ṣé o mọ̀ pé kò sí oògùn tó ń mú kí òkú eku gbẹ láìrùn? Àwọn ọlọ́jà a máa sọ bẹ́ẹ̀, àmọ́ oògùn kò ní agbára lórí bí òkú ṣe ń rà. Omi àti ẹran tó wà lára eku ló ń pinnu ìyẹn, pẹ̀lú ooru ibi tó kú sí. Ọta-píà-píà tí àwọn kan ń dà sórí ẹja láti fi pa eku náà kò yanjú rẹ̀. Ó léwu púpọ̀ fún ọmọdé, adìyẹ àti ajá, òkú eku á sì wà lájà bákan náà.

Ṣé o mọ ohun tó ń rùn gan-an? Bí eku bá ti kú, àwọn kòkòrò àìfojúrí tó wà nínú ìfun rẹ̀ kò kú. Wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ẹran ara rẹ̀, ohun tí wọ́n sì ń tú sílẹ̀ ni gáàsì àti èròjà tó ń gún ní imú. Méjì lára àwọn èròjà náà ni putirẹsíínì àti kadafẹríínì, tí dókítà kan tó ń jẹ́ Ludwig Brieger ṣàlàyé wọn ní ìlú Berlin ní 1885. Àwọn gáàsì tó ní imí ọjọ́ nínú máa ń bá wọn rìn, òórùn wọn sì dà bíi ti ẹyin tó ti bàjẹ́. Bí ooru bá ṣe pọ̀ tó ni iṣẹ́ àwọn kòkòrò náà ṣe ń yá tó. Ìdí nìyẹn tí eku tó kú sí abẹ́ páànù fi lè bẹ̀rẹ̀ sí í rùn láàárín ọjọ́ kan sí méjì.

Ṣé o mọ iye ọjọ́ tí òórùn náà máa ń lò? Bí ó bá jẹ́ eku kékeré tí kò ju àtàǹpàkò lọ, ọjọ́ díẹ̀ ló máa lò, á gbẹ. Bí ó bá jẹ́ eku ilé tó ti dàgbà, òórùn rẹ̀ á le jù ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, á sì máa lọ sílẹ̀ títí di ọ̀sẹ̀ kejì tàbí ìkẹta. Ní àsìkò òjò, tí afẹ́fẹ́ kún fún omi, ó lè pẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ní ọyẹ́, ó lè tètè gbẹ. Òṣùwọ̀n yìí ni kí o fi ṣe ìpinnu rẹ. Bí òórùn bá ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, wíwá òkú náà tọ́ sí wàhálà. Bí ó bá ti pé ọ̀sẹ̀ méjì tí ó sì ń dínkù lójoojúmọ́, tí kò sí ọ̀nà tí o lè gbà dé ibẹ̀ láìfọ́ ilé, ó lè dára kí o ṣí fèrèsé kí o sì dúró.

Ṣé o mọ̀ pé kì í ṣe gbogbo òórùn bẹ́ẹ̀ ni ti eku? Kọ́kọ́ yọ nǹkan méjì kúrò. Èkíní ni gáàsì ìdáná. Gáàsì fúnra rẹ̀ kì í rùn. Èròjà tó ń rùn bí ohun tó bàjẹ́ ni wọ́n pò mọ́ ọn, kí èèyàn lè tètè mọ̀ pé ó ń jò. Gáàsì wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ, nítorí náà ìsàlẹ̀ ló máa ń gbára jọ sí. Bí òórùn bá le nítòsí ilẹ̀ àti nítòsí sìlíńdà, má tan iná, má pa iná, má ṣá ìṣáná. Ti sìlíńdà, ṣí ilẹ̀kùn, kí gbogbo ilé jáde. Èkejì ni ojú ihò omi ní balùwẹ̀ tí a kì í lò. Bí omi inú ọ̀nà rẹ̀ bá ti gbẹ, òórùn sọkaweè á máa gba ibẹ̀ wọlé. Da kọ́ọ̀bù omi méjì sí i. Bí òórùn bá lọ láàárín wákàtí mélòó kan, kì í ṣe ti eku.

Ṣé o mọ̀ pé imú rẹ máa ń tètè rẹ̀? Bí o bá ti wà nínú yàrá tó ń rùn fún ìṣẹ́jú díẹ̀, imú á ti mọ́ òórùn náà lára, o ò sì ní mọ̀ bóyá o ń sún mọ́ ọn tàbí o ń jìnnà sí i. Nítorí èyí ni àwọn tó ń rìn káàkiri ilé fún wákàtí kan fi máa ń sọ pé gbogbo ibi ló ń rùn. Ọ̀nà àbáyọ kò le. Jáde síta fún ìṣẹ́jú 10 sí 15, wọ yàrá kan ṣoṣo, fa imú lẹ́ẹ̀mejì sí mẹ́ta, jáde, kọ ohun tí o gbọ́ sílẹ̀. Ẹlòmíràn tí kò sùn sínú ilé náà ló tilẹ̀ dára jù láti bá ọ ṣe é. Aládùúgbò tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé á gbọ́ ohun tí imú tìrẹ ti gbàgbé.

Ṣé o mọ̀ pé oòrùn ọ̀sán máa ń ràn ọ́ lọ́wọ́ láti wá a, àmọ́ òwúrọ̀ ló dára láti gun òkè? Lọ́sàn-án, páànù á gbóná, afẹ́fẹ́ inú àjà á wú, á sì máa wá ọ̀nà gba inú àwọn ihò sílíìnì wọ inú yàrá. Òórùn á le jù láàárín aago 12 sí aago 4. Nígbà yẹn ni kí o fi imú wá a láti ìsàlẹ̀. Àmọ́ má gun àjà nígbà náà, nítorí ooru abẹ́ páànù lè mú kí òòyì kọ́ ọ, kí o sì já bọ́. Kí ilẹ̀ tó mọ́ tán, nígbà tí páànù ṣì tutù, ni kí o gòkè.

Ṣé o mọ bí a ṣe ń fi ìdánwò kékeré mọ yàrá tí òórùn ti ń wá? Ká mú ilé oníyàrá mẹ́ta kan. Wọ́n fi oògùn sájà ní ọjọ́ Ajé, òórùn sì bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ Ẹtì. Wọ́n pa gbogbo fáànù, wọ́n ti gbogbo fèrèsé àti ilẹ̀kùn inú ilé fún wákàtí kan, torí fáànù máa ń po afẹ́fẹ́ gbogbo yàrá pọ̀ mọ́ra. Lẹ́yìn náà wọ́n wọ yàrá kọ̀ọ̀kan lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì fún un ní máàkì láti òdo dé 3. Pálọ̀ gba 1. Yàrá àwọn òbí gba òdo. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ gba 2, balùwẹ̀ gba 2, yàrá àwọn ọmọ gba 3. Yàrá àwọn ọmọ àti balùwẹ̀ ló jọ ní ògiri kan. Wọn kò tíì gun òkè, síbẹ̀ wọ́n ti mọ̀ pé ìtòsí ògiri yẹn ni kí wọ́n wò.

Ṣé o mọ̀ pé ibi tí òórùn ti ń jáde lè má jẹ́ ibi tí òkú wà? Nínú yàrá àwọn ọmọ yẹn, ojú ihò gílóòbù àárín sílíìnì ni òórùn ti le jù. Ẹni tó bá kánjú á gé sílíìnì níbẹ̀, kò sì ní rí nǹkan kan. Ihò gílóòbù ló tóbi jù nínú sílíìnì, ojú ibẹ̀ sì ni afẹ́fẹ́ àjà máa ń gbà sọ̀ kalẹ̀, ibi yòówù kí òkú wà. Ohun tó tọ́ ni láti pa iná, kí a lẹ sẹ́lótéèpù bo ojú ihò náà àti ojú sọ́kẹ́ẹ̀tì inú yàrá, kí a tún ti ilẹ̀kùn fún wákàtí kan. Nígbà tí ìdílé yìí padà wọlé, òórùn ti kúrò láàárín yàrá. Igun tó kángun sí balùwẹ̀ ló ti ń jáde, níbi tí páìpù omi láti táńkì ti gba àjà wọlé. Wọ́n fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí ògiri níbẹ̀.

Ṣé o mọ̀ pé eṣinṣin lè ṣe iṣẹ́ ìwádìí fún ọ? Àwọn eṣinṣin ńlá tí ara wọn ń dán, aláwọ̀ ewé tàbí aláwọ̀ aró, máa ń gbọ́ òórùn òkú láti ọ̀nà jíjìn, wọ́n sì máa ń yé ẹyin sí i. Nínú ooru tiwa, ẹyin náà lè di ìdin láàárín ọjọ́ kan, ìdin á sì di eṣinṣin láàárín nǹkan bí ọjọ́ 10 sí 14. Bí o bá rí irú eṣinṣin yìí lójijì lójú fèrèsé yàrá tí a tì pa, ibì kan nítòsí ni wọ́n ti jáde. Bí ìdin bá ń já bọ́ láti ara sílíìnì, òkú kò jìnnà. Àmọ́ ṣọ́ra pẹ̀lú ẹ̀rí yìí: bí ìdin bá ti jẹun yó, á fi òkú sílẹ̀, á rákò lọ wá ibi gbígbẹ, nítorí náà ibi tó ti bọ́ lè fi ìwọ̀n ìgbésẹ̀ mélòó kan jìnnà sí òkú gan-an. Ẹ̀rí tó dájú jù ni àbàwọ́n dúdú tàbí aláwọ̀ ilẹ̀ tó ń tàn lójú sílíìnì, torí omi ara òkú ló ń kán síbẹ̀.

Ṣé o mọ̀ pé wáyà iná lè pa ẹni tó lọ gbé òkú eku? Eku máa ń gé awọ wáyà jẹ, nígbà mìíràn iná ló sì pa á. Òkú náà á wà lórí wáyà tó ti wà níhòòhò, ní ibi tó ṣókùnkùn, tí o fẹ́ na ọwọ́ sí. Nítorí náà, pa iná gbogbo ilé níbi bírékà àgbà kí o tó gòkè, kì í ṣe súwíìṣì yàrá nìkan. Má gbàgbé jẹnẹrétọ̀ àti ìńfátà, nítorí bí iná ìjọba bá lọ, ìńfátà á gbé iná padà sórí wáyà láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Bí o bá ní sólà, wáyà tó ti orí páànù bọ̀ kì í kú ní ọ̀sán, àní bí o bá pa gbogbo bírékà ilé. Níwọ̀n ìgbà tí oòrùn bá ń tàn sára pánẹ́ẹ̀lì, iná wà nínú rẹ̀. Tọ́ọ̀ṣì ni kí o fi ríran, kí o sì kọ́kọ́ wò dáadáa kí ọwọ́ tó lọ síbẹ̀. Bí o bá rí wáyà tí eku ti jẹ, pe oníṣẹ́ iná kí a tó dá iná padà.

Ṣé o mọ̀ pé sílíìnì kò lè gbé èèyàn? Ìbáà jẹ́ pákó pẹlẹbẹ, ìbáà jẹ́ rọ́bà pí-fí-sí tàbí pí-ó-pí, igi tó wà nínú àjà nìkan ló ń gbé e dúró. Ẹsẹ̀ rẹ gbọ́dọ̀ wà lórí igi nígbà gbogbo. Káfíńtà máa ń gbé pákó gígùn kan lé orí igi méjì tàbí mẹ́ta, á sì rákò lórí rẹ̀. Ìwọ náà ṣe bẹ́ẹ̀. Kí ẹnì kan di àkàbà mú nísàlẹ̀, kí ó má sì kúrò níbẹ̀ títí o fi máa sọ̀ kalẹ̀.

Ṣé o mọ̀ pé eruku sílíìnì àtijọ́ lè léwu ju òkú eku lọ? Ọ̀pọ̀ ilé tí a kọ́ ṣáájú kí pí-fí-sí tó dóde ló ní sílíìnì asibẹ́sítọ́ọ̀sì: pákó funfun tàbí eérú, líle, tó máa ń fọ́ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́. Òwú wẹ́wẹ́ tó ń jáde nínú rẹ̀ bí a bá fi ayùn gé e máa ń jókòó sínú ẹ̀dọ̀fóró, ó sì lè fa jẹjẹrẹ lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún. Má gé e, má lu ihò sí i, má fọ́ ọ. Ojú ihò àjà, tó sábà máa ń wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ tàbí balùwẹ̀, ni kí o gbà wọlé. Bí pákó kan bá gbọ́dọ̀ kúrò, jẹ́ kí káfíńtà tú u lódindi, lẹ́yìn tó bá ti fi omi rin ín dáadáa.

Ṣé o mọ̀ pé ìwọ̀n omi àti bíliìṣì ní ìṣirò tirẹ̀? Omi bíliìṣì ni a ó fi rẹ òkú eku kí a tó fọwọ́ kàn án. Ohun tí a ń wá ni omi tí agbára bíliìṣì inú rẹ̀ tó 0.5 nínú ọgọ́rùn-ún. Ka ara ìgò. Bí ó bá sọ pé 5 nínú ọgọ́rùn-ún ni, ife bíliìṣì kan sí ife omi 9. Bí ó bá sọ pé 3.5, tó wọ́pọ̀ lọ́jà wa, ife kan sí ife omi 6. Ọjọ́ tí o fẹ́ lò ó ni kí o pò ó, torí èyí tó bá sùn mọ́jú ti ń sọ agbára rẹ̀ nù. Omi nìkan ni kí o fi pò ó. Bí a bá dà á mọ́ oògùn tí a fi ń fọ ṣáláńgá, mọ́ ọtí kíkan, tàbí mọ́ ìtọ̀, gáàsì olóró ló máa jáde, àjà tí afẹ́fẹ́ kò sì ráyè wọ̀ ni ibi tó burú jù láti fà á símú.

Ṣé o mọ̀ pé òkú eku kì í sábà dá wà? Àwọn kòkòrò wẹ́wẹ́ tó máa ń fò, tó ń fa ẹ̀jẹ̀ lára eku, máa ń fi í sílẹ̀ bí ara rẹ̀ bá ti tutù, wọ́n á sì wá ẹlòmíràn tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ gbóná. Àwọn ni wọ́n gbé àjàkálẹ̀ àrùn láti ara eku dé ara èèyàn ní Èkó ní 1924, ìyọnu náà sì wà lára ohun tó mú kí ìjọba dá ìgbìmọ̀ tó ń tún ìlú Èkó ṣe sílẹ̀ ní 1928. Nítorí náà, kí o tó fọwọ́ kan òkú náà, fi ìgò tó ń fọ́n omi wọ́n omi bíliìṣì yẹn sí i lára, sí ìtẹ́ rẹ̀ àti ìgbẹ́ tó yí i ká, títí gbogbo rẹ̀ á fi rin gbingbin. Fọ́n ọn jẹ́jẹ́, kí eruku má baà dìde. Jẹ́ kí ó wà bẹ́ẹ̀ fún ìṣẹ́jú 5, ó kéré tán. Bí wáyà bá wà nítòsí, aṣọ tí a ti rì sínú omi bíliìṣì ni kí o tẹ́ lé e dípò kí o fọ́n omi káàkiri.

Ṣé o mọ̀ pé ìgbálẹ̀ ni ọ̀tá rẹ lájà? Bí o bá gbá ìgbẹ́ eku tó ti gbẹ, eruku rẹ̀ á gbéra, o ó sì fà á símú. Rírẹ ni a ń rẹ ẹ́, a ó sì fi bébà tàbí àkísà nù ún. Ìdílé tí a sọ̀rọ̀ rẹ̀ gòkè ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, wọ́n sì rí òkú náà lẹ́yìn páìpù, nínú àkísà àti ọ̀rá tí eku ti gé wẹ́wẹ́. Ẹni tó gòkè wọ ìbọ̀wọ́ rọ́bà, ìbòmú àti aṣọ alápá gígùn. Ó ti ọwọ́ bọ inú ọ̀rá, ó fi ọ̀rá náà gbá òkú àti ìtẹ́ rẹ̀ mú, ó yí ọ̀rá padà sórí rẹ̀, ó so ó, ó sì tún fi sínú ọ̀rá kejì. Ó nu ojú ibẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Kí ó tó bọ́ ìbọ̀wọ́, ó fọ̀ ọ́ nínú omi bíliìṣì, lẹ́yìn náà ó fi ọṣẹ fọ ọwọ́.

Ṣé o mọ̀ pé òkú eku tó jẹ oògùn ṣì lè pa ẹran mìíràn? Oògùn náà ṣì wà nínú rẹ̀, ajá tàbí ológbò tó bá jẹ ẹ́ lè ṣàìsàn, ó sì lè kú. Má jù ú sórí ààtàn tàbí sínú gọ́tà. Gbẹ́ ilẹ̀ bí ẹsẹ̀ bàtà méjì, jìnnà sí kànga, tú u jáde látinú ọ̀rá sínú ihò láìfọwọ́ kàn án, da omi bíliìṣì díẹ̀ sí i, kí o bò ó pinpin. Bí kò bá sí ilẹ̀, ọ̀rá méjì tí a so dáadáa nínú agolo ìdọ̀tí onídèérí ló tọ́.

Ṣé o mọ̀ pé ibà Lásà ni ìdí tí a kò fi gbọ́dọ̀ fojú kékeré wo iṣẹ́ yìí? Ní 1969 ni a kọ́kọ́ dá àrùn náà mọ̀, ní ìlú Lásà tó wà ní ìpínlẹ̀ Bọ̀rnó báyìí. Eku kan tí ọmú rẹ̀ pọ̀ ju ti eku yòókù lọ ló ń gbé e kiri, ìtọ̀ àti ìgbẹ́ rẹ̀ ló sì ń kó o ran èèyàn. Ìpínlẹ̀ Oǹdó wà lára ibi tó ti ń jà jù ní Nàìjíríà, ní pàtàkì ní àsìkò ẹ̀ẹ̀rùn, ilé ìwòsàn ìjọba àpapọ̀ ní Ọ̀wọ̀ sì jẹ́ ọ̀kan lára ibi tí a ti ń tọ́jú rẹ̀. O ò lè fi ojú mọ eku tó ní i. Bí ibà, orí fífọ́, ọ̀fun dídùn tàbí ara ríro bá bẹ̀rẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí o fọwọ́ kan eku, má kàn lo oògùn ibà kí o sì sùn. Sọ fún dókítà pé o gbé òkú eku. Nọ́ńbà àjọ NCDC ni 6232, ọ̀fẹ́ sì ni ìpè náà.

Ṣé o mọ ohun tí a ń ṣe bí òkú bá wà nínú ògiri? Búlọ́ọ̀kù tí a fi ń kọ́lé níbí sábà máa ń ní ihò méjì. Bí kò bá sí kankéré tó bo orí ìlà búlọ́ọ̀kù tó kẹ́yìn, eku lè já láti àjà sínú ihò náà, kò sì ní lè gòkè mọ́. Bẹ̀rẹ̀ láti òkè: tan tọ́ọ̀ṣì sínú àwọn ihò náà láti inú àjà, kí o sì fi imú wò wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Bí o bá rí i, wáyà líle tí a tẹ̀ ní orí lè fà á jáde. Bí ihò bá jìn, dá ògiri sí. Pa iná, fi téèpù bo ojú sọ́kẹ́ẹ̀tì, fi téèpù tàbí símẹ́ǹtì dí àwọn ibi tó là lára ògiri, kí òórùn má ráyè wọ yàrá, kí o sì jẹ́ kí òkú gbẹ. Fífọ́ ògiri tó gbé ilé dúró nítorí òórùn ọ̀sẹ̀ méjì kò bójú mu.

Ṣé o mọ ìdí tí òórùn fi máa ń ṣẹ́kù lẹ́yìn tí òkú ti kúrò? Omi ara rẹ̀ ti wọ inú igi àti sílíìnì. Tùràrí àti lọ́fíńdà kàn ń bò ó mọ́lẹ̀ ni. Nu ojú igi náà lẹ́ẹ̀kan sí i ní ọjọ́ kejì, ṣí ojú ihò àjà àti fèrèsé, kí o sì gbé abọ́ èédú gbígbẹ tí a fọ́ wẹ́wẹ́ síbẹ̀, torí èédú máa ń fa òórùn mọ́ra. Bí àbàwọ́n bá ti là sílíìnì kọjá, pípààrọ̀ pákó kan ṣoṣo yẹn ló kù. Bí òórùn bá ṣì ń le sí i lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta, òkú mìíràn wà níbẹ̀.

Ṣé o mọ̀ pé ihò tó gba àtàǹpàkò gba eku ilé, èyí tó sì gba pẹ́ńsù gba ọmọ eku? Bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò lè ráyè wọ ibẹ̀. Irin wẹ́wẹ́ tí a fi ń fọ ìkòkò, tí a pò mọ́ símẹ́ǹtì, ni kí o fi dí etí páànù àti ojú páìpù, torí eku á jẹ fóòmù àti ọ̀rá lọ. Gé ẹ̀ka igi tó kan páànù. Àmọ́ má dí ihò tán kí o tó mú àwọn eku tó wà nínú, nítorí èyí tí o bá há mọ́ ibẹ̀ ló máa rùn ní ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.

Nítorí náà, ìmọ̀ràn mi kò ju ẹyọ kan lọ: kó oògùn eku kúrò lájà rẹ lónìí. Fi pàkúté onísípíríìnì rọ́pò rẹ̀, so ó mọ́ igi pẹ̀lú wáyà kí eku má baà wọ́ ọ lọ, gbé e sí ìtòsí ojú ihò àjà níbi tí ọwọ́ rẹ lè dé, kí o sì máa yẹ̀ ẹ́ wò ní àràárọ̀. Eku tí pàkúté bá mú, o mọ ibi tí òkú rẹ̀ wà.